Géèmù tí Kì í Kán Ìyá Àpọ́nlé Lójú

Gbogbo ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Sango lọ sí Agbára láàárọ̀ ló mọ̀ pé ẹnu èmi Olúwakẹ́mi kì í dákẹ́. Ẹnu náà ló kó mi sí ọ̀rọ̀ Ìyá Àpọ́nlé yìí, mi ò sì tíì rí oorun sùn dáadáa látìgbà náà.

Ruqoyah lorúkọ wọn, ọmọ Ọ̀tà gan-an ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Agbára la jọ ń ṣiṣẹ́. Ìdí ẹ̀rọ la máa ń dúró sí, bí bisikíìtì bá ṣe ń bọ̀ la ó máa tò ó sínú páálí. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ há wọn ní ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n rán an nílé ìwòsàn, egbò jiná, àmọ́ ìka ò ká dáadáa mọ́. Ọ̀gá Jabez tó ń bójú tó wa ní kí wọ́n máa gbálẹ̀ ná. Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun á dán ọwọ́ wọn wò. Tó bá ṣe é ṣe, wọ́n á padà sídìí ẹ̀rọ. Tí kò bá ṣe é ṣe, iṣẹ́ tán nìyẹn. Obìnrin tí ọkọ ti kú, ọmọ mẹ́ta ń bẹ lọ́rùn ẹ̀ o!

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa lo ìka náà díẹ̀díẹ̀. Ni Àpọ́nlé bá fi géèmù kan sórí fóònù ìyá ẹ̀, pé kí wọ́n máa gbá a nínú bọ́ọ̀sì. Súìtì aláwọ̀ oríṣiríṣi ni, èèyàn á máa to mẹ́ta tó jọra sójú kan, aago sì ń kà. Ẹ wo bọ́ọ̀sì tí èèyàn mẹ́rin fún mọ́ra lórí ìjókòó kan, tó ń já sí kòtò lọ́tùn-ún lósì! Ìka wọn á yẹ̀, aago á tán. Ẹ̀mí márùn-ún ni géèmù fún wọn. Tí wọ́n bá ti pàdánù gbogbo ẹ̀, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹyọ kan tó padà. Ká tó dé Atan, ó ti tán.

Lọ́jọ́ kejì, omi bọ́ lójú wọn. "Kẹ́mi, fóònù gan-an ń sọ pé mi ò yá."

Inú bí mi burúkú. "Ẹ gbé e wá jàre!" Mo yọ ràdàràdà yẹn dànù, mo wá òmíì síbẹ̀. Àwòrán tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ ni, èèyàn á máa fi ìka wọ́ ègé kọ̀ọ̀kan lọ síbi tó yẹ. Kò sí aago, kò sí ẹ̀mí tó ń tán, kò béèrè dátà. Tí bọ́ọ̀sì bá gbọ̀n wọ́n, wọ́n á kàn tún ègé náà wọ́ ni. Bí wọ́n bá pa á láti fún kọ́ndọ́ lówó, ibi tí wọ́n bá a dé náà ni wọ́n á bá a.

"Ẹ máa gbá èyí," ni mo wí, "ọwọ́ yín á bọ̀ sípò."

Ó sì ń bọ̀ sípò lóòótọ́. Ègé mẹ́sàn-án ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti ń to ọgọ́rùn-ún. Ìka bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Àwọn tó dúró lórí wa á máa nawọ́, "Mummy, ojú ọ̀run nìyẹn, ẹ gbé e sókè," èmi náà á máa jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n fi Ìyá Àpọ́nlé sílẹ̀. Mo ń yangàn kiri ilé-iṣẹ́ pé èmi ni dókítà wọn.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá Jabez tan ẹ̀rọ, ó tẹ aago lórí fóònù ẹ̀: ọgọ́ta páálí, wákàtí kan. Ìyá Àpọ́nlé bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú bisikíìtì, wọ́n wò ó, wọ́n gbé e síbi tó yẹ, wọ́n fi ìka tún un tẹ̀ kó gún. Àwọn bisikíìtì yòókù ń kọjá, wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ yára, Ìyá Àpọ́nlé! Ẹ yára!" Mo ń pariwo bí ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó.

Méjìdínlógójì ni wọ́n rí dì. Kò sí ẹyọ kan tó fọ́ nínú ẹ̀. Ọ̀gá Jabez yẹ̀ ẹ́ wò títí. "Madam, mi ò rí i kó mọ́ tó báyìí rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò ní dúró dè yín. Ẹ má wulẹ̀ wá lọ́la mọ́."

Yéè! Àṣé sùúrù ni mo ti ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọwọ́ tó yẹ kó máa sáré. Èmi tí mò ń dúró nídìí ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́, kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Nínú bọ́ọ̀sì lọ́nà ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. "Ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ba tiyín jẹ́."

A ti ń kọjá Lusada. Fóònù ń bẹ lọ́wọ́ wọn, wọn ò tan án.

"Má sunkún," ni wọ́n wí. "Látọjọ́ tí ẹ̀rọ ti há mi lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ ń kán mi lójú, onílé ń kán mi lójú, àwọn ọmọ mi gan-an ń kán mi lójú. Inú bọ́ọ̀sì yìí nìkan ni mo ti ń rí ibi mí." Wọ́n wo èrò tó fún mọ́ wa. "Kẹ́mi, tó bá dọ̀la, kí ni mo fẹ́ wá wọ bọ́ọ̀sì ṣe?"