Nọ́ńbà Mẹ́fà Tí Mo Fi Ránṣẹ́

Kí n tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwáwí: èmi ni mo fi kóòdù náà ránṣẹ́, akọ̀wé mi kọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin náà fi bá mi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé mi ní Ìwó, n kò sì ká ohunkóhun mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó là ń tẹ̀ fún àwọn ìjọ. A ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, a sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì di ìwé iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Orí Wasáàpù ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wọlé. Foonu kan ṣoṣo la ní fún un, orí káńtà ló ń gbé, kò sì sí ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń ṣí i nínú wa, títí kan ìyàwó mi bó bá yà wá wò. Akọ̀wé ti bi mí rí pé, "Sà, ẹ ò jẹ́ ká fi píìnì sí Wasáàpù wa? Wọ́n ń gba ti àwọn èèyàn o." Mo ní ta ló fẹ́ wá gba ti onítẹ̀wé Ìwó, kó lọ gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì nígbà náà ni òfin kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ mọ́ ògiri: bí àgbà ìjọ bá kọ̀wé sí wa, ká dá a lóhùn kí a tó dá oníbàárà èyíkéyìí lóhùn. Ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bí díákónì bá ní kí n gbé nǹkan wá, màá gbé e wá ná, bóyá lọ́la màá wá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, èmi ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí mo fẹ́ mú owó lọ ra bébà ní Ìbàdàn. Àtẹ̀jíṣẹ́ díákónì wa wọlé: "O káàárọ̀, ọmọ mi. Mo fẹ́ wọ ìpàdé ìjọ lórí foonu, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà rẹ gba kóòdù. Bá mi fi nọ́ńbà mẹ́fà tó bá wọlé ránṣẹ́." Nọ́ńbà mẹ́fà wọlé lóòótọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kí n má fún ẹnikẹ́ni. Mo ka nọ́ńbà, n kò ka ìkìlọ̀. Mo fi ránṣẹ́, mo fi "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà" kún un, mo gbé foonu sórí káńtà, mo sì wọkọ̀ lọ. N kò mọ̀ pé olè ti gba Wasáàpù díákónì alára láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Kó tó di ọ̀sán, akọ̀wé pè mí. "Sà, Wasáàpù ti lé wa jáde o. Ó ní wọ́n ti forúkọ nọ́ńbà wa sílẹ̀ lórí foonu mìíràn." Mo sáré padà sí Ìwó. Olè náà kò rí ọ̀rọ̀ tí a ti bá àwọn èèyàn sọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ tí a wà ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ti ìjọ àti ti àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bébà ti gbówó lórí, kí wọ́n san àsansílẹ̀ sí àkáǹtì tuntun kan. Àwọn kan san án. Obìnrin kan tó jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ogbó fi owó ìdánwò àwọn ọmọ ránṣẹ́.

Oníbàárà wa kan tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ló wá ràn wá lọ́wọ́. Ó tún nọ́ńbà wa forúkọ sílẹ̀ lórí foonu wa. Kóòdù tuntun wọlé, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó ti jáde lórí foonu olè báyìí." Mo ti fẹ́ yọ̀. Foonu tún béèrè píìnì tí a kò ní. Olè náà ti fi tirẹ̀ dè é. Olùkọ́ náà ní ọjọ́ méje la máa dúró kí Wasáàpù tó jẹ́ ká wọlé láìsí píìnì yẹn, pé kí a máa pe àwọn oníbàárà, kí àwọn tó sanwó sì tètè sáré lọ sí báǹkì wọn.

Lẹ́yìn náà ló ṣí ibi tí kóòdù àkọ́kọ́ gbà wọlé. Ó ní, "Aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ta ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù?"

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni akọ̀wé mi máa ń dé. Ó dúró níbẹ̀, ó gbá bébà mọ́ra. Mo ní, "Òun ni."

Ó wo ilẹ̀. Ojú ń tì mí, ojú tó ń tì mí yìí ló sì sọ mí di oníkanra: mo ní kó máa lọ sílé ná. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi nọ́ńbà tèmi kọ ọ́ sínú àwọn ẹgbẹ́ náà pé ọwọ́ akọ̀wé mi ni kóòdù ti jáde. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn obìnrin ìjọ, tí òun jẹ́ akápò wọn, ti gba àpò owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ keje pé, a wọlé. Olùkọ́ náà fi píìnì tuntun sí i, ó fi ímeèlì mi tì í lẹ́yìn bí mo bá gbàgbé. Ó tún fi píìnì mìíràn ti síìmù foonu náà pa. Ó ní kí n máa ti foonu mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lo ẹ̀rọ tirẹ̀ tí èmi bá so mọ́ Wasáàpù wa, kí n máa wo àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, kí n sì yọ ti ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kóòdù kò tún gbọdọ̀ dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ èmi àti díákónì wà lójú foonu níwájú rẹ̀, pẹ̀lú "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà" mi. Ó kà á. Ó gbé báàgì rẹ̀. Ó ní, "Ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe ti parí, sà."

Mo lọ bá akọ̀wé mi nílé, lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Ẹ̀pà ló ń yan. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo ní èmi ni, mo ní kó dárí jì mí, pé mo fẹ́ so ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ́ Wasáàpù wa, kó padà wá.

Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Ọjọ́ yẹn náà ni mo ti mọ̀. Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín ni." Ó tún ro ẹ̀pà náà. "Ẹ bá mi kọ ọ́ síbi tí ẹ kọ tàkọ́kọ́ sí. Màá padà wá lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ ọ́."

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ ìjọ lórí foonu wa: "Èmi ni mo fún wọn ní kóòdù, akọ̀wé mi kò mọwọ́ mẹsẹ̀." Ó pé oṣù mẹ́rin báyìí. Láràárọ̀ ni mo ń yọ foonu jáde nínú dúrọ́ọ̀, tí mo ń bá ọ̀rọ̀ náà nísàlẹ̀ níbi tí mo kọ ọ́ sí. N kò tíì fi ránṣẹ́.