Bọ́tà Tútù àti Ọ̀gá Oníbúrẹ́dì

Mo ń gé bọ́tà mọ́ ìyẹ̀fun lọ́wọ́ nígbà tí mádàámù wa wọlé, tí wọ́n ní obìnrin tó ń bójú tó ilé oúnjẹ ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ìkẹjà ń bọ̀ lọ́la wá tọ́ mítì páì wa wò. Bó bá dùn mọ́ ọn lẹ́nu, àwa ni a ó máa ṣe é fún wọn lójoojúmọ́. Bí kò bá dùn mọ́ ọn, wọ́n á palẹ̀ tábìlì páì mọ́, èmi á sì lọ máa di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Ẹ̀rín ni mádàámù fi sọ ọ́. Wọ́n wá ní kí ọ̀gá oníbúrẹ́dì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà tóbi.

Láti ìgbà tí mo ti wà nílé-ìwé girama ni ọ̀gá ti ń ṣe búrẹ́dì Agége. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ aláṣọ funfun, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyẹ̀fun pàápàá wà lábẹ́ ìjọ wọn. N kò jiyàn. Mo fi omi tútù díẹ̀ pa èyí tó wà lọ́wọ́ mi pọ̀, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú ọ̀rá, mo tì í sínú fíríìsà pẹ̀lú abọ́ tí mo fi pò ó, mo sì kúrò lọ́nà.

"Ìyá Onípáì," ọ̀gá ní, "kí ni bọ́tà ń wá nínú fíríìsà? Ṣé òkú ni?"

"Ó yẹ kó tutù ni, sà."

"Abọ́ náà ńkọ́? Ṣé ẹni tó kú ló ni ín ni?"

Àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún wọn lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ní bọ́tà gbọ́dọ̀ wà nínú ìyẹ̀fun náà wóró-wóró, bí ẹ̀wà. Bí iná bá mú un nínú ààrò ló tó máa yọ́. Omi tó wà nínú rẹ̀ á di ooru, á gbé ìyẹ̀fun sókè, ibẹ̀ ni páì ti ń rí àwọn awẹ́ tó máa ń rún. Bó bá ti yọ́ kó tó dénú ààrò, ìyẹ̀fun á ti mu ún tán.

"Ẹ gba bọ́tà yìí gbọ́ gan-an o," ni ìdáhùn wọn.

Wọ́n gbé bọ́tà tiwọn sórí ààrò títí ó fi dà bí ògì. Wọ́n dà á sínú ìyẹ̀fun, wọ́n bu omi sí i, wọ́n pò ó, pò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kì í bọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun búrẹ́dì, èyí tó ń jẹ́ kí búrẹ́dì Agége fà bó ṣe ń fà. Ìgbà mẹ́wàá ni mo kà.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń dán," ni wọ́n wí.

Òótọ́ ni, ó dán. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí wọ́n fi ìdérí agolo gé róbótó ló ń súnkì bí ìgbín tí a fọwọ́ kàn.

"Ó ń mí ni," ọ̀gá ní.

Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, páì wọn jáde. Méjì la ẹnu sílẹ̀, òróró wà nísàlẹ̀ páànù, èèpo wọn sì le bí sálúbàtà. Ọ̀gá bu ọ̀kan jẹ.

"Báwo ni?" mádàámù bi wọ́n.

Wọ́n mi orí. Wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Gbogbo wa dúró dè wọ́n.

Mádàámù kọjú sí mi. "Màmá, aago mọ́kànlá ni obìnrin yẹn ń bọ̀. Ṣé ẹ ní nǹkan kan?"

Mo mú ọ̀rá mi jáde. Mo dúró títí ìyẹ̀fun náà fi ṣeé tẹ̀, mo yí i, mo gé e, mo fi ẹran tí mo ti sè lánàá, tó ti tutù, sí i, nítorí ẹran gbígbóná náà máa ń yọ́ bọ́tà. Mo wá dá páì náà padà sínú fíríìsà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Ẹ tún ń gbé e padà?" ọ̀gá ní. Ẹnu wọn ti tú sílẹ̀ wàyí. "Àlejò ń bọ̀, ẹ̀ ń tẹ́ páì sùn."

Mo ti ilẹ̀kùn fíríìsà náà, mo sì dúró tì í.

Obìnrin náà dé nígbà tí páì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ó gé e jẹ, èèpo rẹ̀ rún dà sí i láyà, kò tiẹ̀ gbọn ọ́n dànù. Ó mú òmíràn.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Àwa ni, mà," ọ̀gá ní.

Ọjọ́ Ajé la bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún wọn. Mo ṣí fíríìsà láti mú bọ́tà, mo sì ń wá abọ́ mi nínú rẹ̀. Ọ̀gá ti wà lẹ́yìn mi.

"Ìyá Onípáì, ẹ tètè tì í jàre. Ẹ ò mọ̀ pé òtútù ni gbogbo iṣẹ́ yìí?"