Ìlú Tí Kò Ní Èrò

Ara-Ò-Balẹ̀ là ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Bó bá ń jẹun, ìdúró ni. Bó bá ń tẹ fóònù, á máa rìn yí ilé po títí orí á fi máa fọ́ ẹni tó ń wò ó. Iṣẹ́ tó wá yàn ni ṣọ́ọ̀bù géèmù, níbi táwọn èèyàn ti ń sanwó láti jókòó. Òun nìkan ni kì í jókòó níbẹ̀.

Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni bàbá wa. Nígbà tá a wà ní kékeré, ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ la máa ń rí jù, ẹ̀gbọ́n mi a sì máa sáré tẹ̀lé e títí eruku á fi bo òun náà. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá wá rọ, tí dókítà ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́, ó wọ yàrá, ó kọjú sí ògiri. Kéèyàn bá a sọ̀rọ̀, "hùn" ni. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo mọ̀ pé bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, a ò ní pẹ́ pàdánù rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ronú kan géèmù kan téèyàn ti lè wakọ̀ káàkiri odindi ìlú àti ìgbèríko. Ó de sítíárìn mọ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ ẹsẹ̀ sórí bọ́tìnì tí ìka lè tẹ̀. A bẹ Bàbá títí ó fi tẹ̀ lé wa. Lójú títì ìgbèríko inú géèmù náà, ọkọ̀ ń lọ geere, Bàbá sì ń súfèé. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí mo mú lọ́wọ́. Bó ṣe wọ àárín ìlú báyìí, níbi tí èrò ti ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, nǹkan dàrú. Àwòrán á dúró, á tún fò síwájú lójijì. Òógùn bo Bàbá, ó sì bì sórí tábìlì.

"Ẹ gbé mi lọ sílé. Kẹ́nikẹ́ni má pè mí síbí mọ́."

Ara-Ò-Balẹ̀ ò sinmi. Ó dín títóbi àwòrán kù, ó pa òjìji rẹ́, síbẹ̀ kò yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ba àwòrán yẹn jẹ́ tán!" mo pariwo mọ́ ọn.

"Dákẹ́ ná. Àwòrán kọ́ ló wúwo. Àwọn èèyàn yẹn ni. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló ń ronú ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn máa gbẹ́sẹ̀ sí."

Ló bá kó gbogbo èrò kúrò nílùú pátá. Ọkọ̀ ń lọ bí ẹni ń yọ̀ lórí epo. A tún bẹ Bàbá wá. Ó wakọ̀ dé ìkóríta àárín ìlú, ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Mo kó wọn kúrò, Bàbá, kí àwòrán má baà máa já mọ́ yín lójú."

"Ta ni mo wá ń wakọ̀ lọ bá?" Ó yọwọ́ kúrò lórí sítíárìn. "Bí yàrá mi náà ṣe rí nìyí."

Mo bínú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì tún káàánú rẹ̀.

Àtìgbà náà, ìkóríta kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń wakọ̀ gbà, ohun kan ṣoṣo ló sì ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ó dá èrò padà díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán fi bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó wá fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ó rí i pé ojú ìwòran náà há jù, bí ẹni ń yọjú láti inú páìpù, pé ìyẹn náà wà lára ohun tó ń mú kí òòyì máa kọ́ Bàbá. Ó fẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún àti òsì. Àmọ́ ohun tó ń wọlé sójú pọ̀ sí i, ẹ̀rọ tún ń mí hẹlẹ. Ló bá dín bí géèmù ṣe ń ya ohun tó wà lọ́nà jíjìn kù. Ó dín in jù, àwọn ọkọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójijì níwájú wa.

"Awakọ̀ kì í wo imú ọkọ̀ nìkan," mo sọ fún un. Ó tú u padà, títí tó fi jẹ́ pé àwọn òrùlé òkèèrè nìkan ló ń rá sínú kùrukùru.

Èmi ni mo lọ pe Bàbá. Mo ní, "Bàbá, èrò ti ń dúró dè yín." Ó ní kí n gbé ọ̀pá òun wá.

Ó wọ ìlú náà jẹ́ẹ́jẹ́. Èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀, wọn ò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n ń rìn geere. Obìnrin kan fẹ́ sọdá. Bàbá dúró fún un, ó ní, "Ẹ máa kọjá, màmá." Lẹ́yìn wa, ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sókè sódò, ó ń jẹ èékánná.

Bàbá ò wẹ̀yìn. "Ìwọ tó ò ń rìn kiri yìí, gbé àga wá síbi. Gbogbo ìgbà tó o fi ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ mi, mi ò gbé ọ rí."

Ara-Ò-Balẹ̀ gbé àga, ó jókòó.