Ìkọ́kọrẹ́ tí Mọ́ṣúdù Sè fún Rọ̀kíbátù

Nígbà tí ìgbéyàwó Mọ́ṣúdù Ọláògún àti aya rẹ̀, Rọ̀kíbátù, pé ọdún mẹ́rìnlélógún, kéèkì ni Mọ́ṣúdù rà. Ó rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibùdókọ̀ Ìkòròdú, irú èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi òdòdó pupa ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ yí ká, tí wọ́n sì kọ ìkíni sí i lórí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Rọ̀kíbátù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́, ó gé e, ó sì pín in fún àwọn ará ilé. Àfi bí Mọ́ṣúdù ṣe kó àwo, tó ń gbé e lọ sí ilé ìdáná, tó wá gbọ́ ohùn aya rẹ̀ àti ti Ìyá Oríyọmí, aládùúgbò wọn nínú ẹ́sítéètì.

"Kéèkì yìí mà dùn o, Ìyá Waliyah."

"Ó dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ mí rí náà lè rà á fún mi."

Kò sí ìbínú nínú ohùn obìnrin náà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ Mọ́ṣúdù lákínyẹmí ara. Bó bá ṣe pé ó bínú ni, ẹ̀bẹ̀ ì bá tán an. Mọ́ṣúdù rọra gbé àwo náà padà sórí tábìlì, ó sì bá a lọ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni Mọ́ṣúdù. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpakodò, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń padà. Bí ẹ̀rọ omi bá ń jò, yóò tún un ṣe; bí ẹsẹ̀ bá ń dun aya rẹ̀, yóò bá a fi òróró pa á; ṣùgbọ́n láti la ẹnu kó sọ pé "mo fẹ́ràn rẹ", bí ẹni pé wọ́n ní kó gbé òkè ńlá ni. Nígbà tí ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá ń sún mọ́lé, tí òrùlé ilé ń béèrè fún páànù tuntun, tí Waliyah, ọmọ wọn, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, ohun kan ṣoṣo ló gbà á lọ́kàn: kí Rọ̀kíbátù lè mọ̀, láìsí iyèméjì, pé ọkọ òun mọ òun.

Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ Benjamin, ẹni tí wọ́n jọ máa ń jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi láràárọ̀.

"Ìyẹn ò le," ni Benjamin wí. "Ẹ gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ kan. Wọ́n á fẹ́ bàlúùnù, wọ́n á da òdòdó sórí bẹ́ẹ̀dì, olùyàwòrán á wá. Bí mo ṣe ṣe é fún tèmi nìyẹn. Bí ẹ̀gbọ́n mi náà ṣe ṣe é nìyẹn. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn pátá."

"Aṣọ kan náà wá ni gbogbo aya yín ń wọ̀," ni Mọ́ṣúdù wí.

Benjamin rẹ́rìn-ín títí tí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Waliyah, ẹ ò lówó ni, ẹ má fi ọgbọ́n bò ó."

"Òótọ́ ni. N kò lówó. Ṣùgbọ́n bí mo bá lówó pàápàá, ibẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ ná an sí."

Láti ọjọ́ náà ni Mọ́ṣúdù ti pa ìbéèrè tó ń bi ara rẹ̀ dà. Kò béèrè mọ́ pé kí ni àwọn ènìyàn ń ṣe. Ó ń béèrè pé kí ni ó jẹ́ ti Rọ̀kíbátù, tí kò lè jẹ́ ti obìnrin mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń tẹ́tí sí àlejò. Ó ṣàkíyèsí pé bí ọkàn aya òun bá balẹ̀, ọ̀rọ̀ etí omi ni ó máa ń sọ: bí ìyá rẹ̀ ṣe ń yan ẹja, bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń wá láti Èjìnrìn. Ó tún ṣàkíyèsí pé, nínú gbogbo oúnjẹ Ìjẹ̀bú, ìkọ́kọrẹ́, èyí tí wọ́n ń fi ewùrà sè, nìkan ni kì í sè nínú ilé wọn. Nígbà tó béèrè ìdí rẹ̀, ohun tí Rọ̀kíbátù wí ni pé, "Èwo ni kí n máa dá ìkọ́kọrẹ́ jẹ? Àwọn ọmọ wa ò fẹ́ ẹ."

Ìgbà náà ni Mọ́ṣúdù rántí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó wọn ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti so yìgì, àlejò ti jẹ gbogbo oúnjẹ tán, tọkọtaya náà sì fi ebi sùn dàárọ̀. Ìyá ìyàwó ló pe àwọn méjèèjì sí etí ọ̀sà, tó bu ìkọ́kọrẹ́ àná tó ti fi pa mọ́, tó sì ti tutù, fún wọn, pẹ̀lú ẹ̀bà gbígbóná, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí pé kò yẹ kí àna máa wo ẹnu ọkọ ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń jẹun, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Inú àwo kan ni wọ́n ti jọ jẹ ẹ́. Oúnjẹ àkọ́jẹ wọn gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya nìyẹn.

Nígbà tí àyájọ́ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìgbéyàwó wọn ku ọ̀la, Mọ́ṣúdù gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó jáde nílé bí ẹni tó ń lọ sí Ìpakodò, ó sì wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ní Ìmọ̀ta, ó sọ̀ kalẹ̀ ra ewùrà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Síkírù, ìyá aya rẹ̀, màmá náà ń to ẹja sórí ààrò.

Mọ́ṣúdù dọ̀bálẹ̀. "Màmá, mo wá bẹ̀ yín kí ẹ kọ́ mi bí a ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́."

Ìyá Síkírù sọ ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ mi ń febi pa yín ni?"

"Rárá o, Màmá."

"Àbí ó ń ṣàìsàn?"

"Ara rẹ̀ le koko."

"Kí wá lẹ ń wá nídìí ààrò àna yín, Bàbá Waliyah?"

Mọ́ṣúdù ṣàlàyé. Màmá náà gbọ́ ọ dé òpin, ó nu ọwọ́ sára ìró. "Kò le. Èmi ó sè é, ẹ̀yin ó gbé e fún un."

"Bí ẹ bá sè é, Màmá, yóò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn òun. Ìyẹn ti dá a lójú láti kékeré. Tèmi ló kù."

Ìyá Síkírù mi orí. "Kí n fi ọkọ ọmọ mi sídìí ìkòkò, kí ará àdúgbò sì máa wò mí? Èèwọ̀!" Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó jókòó, ó sì kọjú sí omi. "Ọ̀sà ni mò ń wò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, n kò mọ̀ ọ́n. Ẹ bó ewùrà yẹn."

Báyìí ni ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Mọ́ṣúdù bó ewùrà, ó fọ̀ ọ́, ó sì fi agolo tí wọ́n dá ihò sí lára rin ín títí tí ìka rẹ̀ méjì fi bó. Ó se ata, alùbọ́sà, epo pupa àti edé pọ̀, ó fi ẹja yíyan tí màmá náà fi tà á lọ́rẹ sí i. Nígbà tí ọbẹ̀ hó, màmá náà ní kó máa fi ìka bu ewùrà náà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó dín iná kù, kó dé ìkòkò, kó sì fi ọwọ́ sílẹ̀.

"Ẹ má rò ó o. Bí ẹ bá rò ó kó tó jinná, yóò di ẹ̀kọ."

"Mo gbọ́, Màmá."

Ṣùgbọ́n òórùn jíjóná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ìdí ìkòkò. Ọkùnrin tí ẹ̀bà nìkan ló máa ń rò láyé rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi ń gba ìkòkò là: ó ki orógùn bọ inú rẹ̀.

"Kí ló ń dún yẹn?" ni Ìyá Síkírù pariwo láìyíjú.

"Ó... ó fẹ́ jóná ni, Màmá."

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò! Iná lẹ ó dín, ìkòkò kọ́ lẹ ó gbá! Yé! Ẹ ti rò ó!"

Ìdajì rẹ̀ ti yòrò. Mọ́ṣúdù wo ohun tó wà nínú ìkòkò, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi tún un ṣe."

Ẹ̀yìn màmá náà mì díẹ̀, nítorí pé ẹ̀rín ló ń pa á. "Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi ni yóò bá níbẹ̀. Ẹ dé e. Ẹ jẹ́ kó jinná, kó sì tutù. Ọlọ́run Ọba ló mọ ìyókù."

Ní ọjọ́ kejì, Mọ́ṣúdù sọ fún Rọ̀kíbátù pé kí wọ́n lọ kí Màmá. Rọ̀kíbátù kò wọ aṣọ ńlá. Aṣọ àdírẹ tó máa ń wọ̀ lọ sọ́jà ló wọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ẹ̀pẹ́, Màmá dá a dúró pẹ̀lú ìròyìn gígùn nípa Síkírù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, títí Mọ́ṣúdù fi te ẹ̀bà tán, tó tẹ́ ẹní sétí omi. Lẹ́yìn náà ló ní kó lọ wo ohun tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀.

Rọ̀kíbátù bá ọkọ rẹ̀ níwájú àwo kan ṣoṣo. Èéfín ń rú lára ẹ̀bà. Ìkọ́kọrẹ́ ti tutù, ó ti dì. Ó wo àwo, ó wo ọkọ rẹ̀, ó jókòó, ó fọ ọwọ́, ó sì bu òkèlè. Mọ́ṣúdù ń wo ẹnu rẹ̀.

"Màmá kọ́ ló se èyí," ni obìnrin náà wí.

Ọkùnrin náà wo inú àwo. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó ti yòrò. Ó sì ń run èéfín díẹ̀. Màmá kò lè rò ó láìjinná láéláé. Ta ló...?" Ojú rẹ̀ bọ́ sára ìka ọkọ rẹ̀, níbi tí awọ ti bó, tí àbàwọ́n epo sì ṣì wà lábẹ́ èékánná. Ó di ọwọ́ náà mú. "Ẹ̀yin? Bàbá Waliyah, ẹ̀yin lẹ rin ewùrà?"

"Ìyá rẹ ló kọ́ mi. Kò wò mí o."

Rọ̀kíbátù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jẹ́ pé ẹyẹ tó bà létí omi fò lọ. Ó tún bu òkèlè, ó tún bu. "Ó burú," ló wí. "Ẹ má bù fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Tèmi ni gbogbo rẹ̀."

"Òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo mú ọ lọ ni mò ń rántí," ni Mọ́ṣúdù wí. "Ìwọ lo ti orí ẹja sí ọ̀dọ̀ mi. N kò gbàgbé rẹ̀."

"Ẹ rántí ẹja. Ṣé ẹ rántí pé mo ń sunkún?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Mo rò pé èéfín ààrò Màmá ni."

"Ẹkún ni. Mo rò pé Ìkòròdú tí ẹ ń mú mi lọ, ilẹ̀ gbígbẹ ni, n kò ní rí omi mọ́. Lẹ́yìn náà lẹ kàn la ẹnu, ẹ ní ọ̀sà yìí kan náà ló dé Ìpakodò. Ẹ sì ń jẹ ẹja yín lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mọ́ra tí mo fi bá yín lọ."

Mọ́ṣúdù kò rántí pé òun sọ ọ́ rí. Ó wo obìnrin tí wọ́n ti jọ gbé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sì sún mọ́ ọn lórí ẹní.

"Kí ló tún wà tí n kò mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn?"

"Ó pọ̀."

"Sọ ọ́ fún mi."

Rọ̀kíbátù ti àwo náà sáàárín wọn, ó nu ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òru ọjọ́ tó ṣáájú yìgì, nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ jókòó sétí omi yìí kan náà. Mọ́ṣúdù tẹ́tí sí i. Ó ń gbọ́.