Àmín Lábẹ́ Báírò Pupa

Bí mo bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, orí ìwé ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìjọ ló rán mi níwèé nígbà tí agbára bàbá mi kò ká a mọ́. Tíṣà wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi a máa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ mi pé, "Olúwa yóò gbé ọ ga." Mo gbà á gbọ́, ó sì ṣẹ. Lónìí, èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọ wa dá sílẹ̀ ní Òkóta. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé àdúrà nínú ìwé ọmọdé lè ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Lára iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn tíṣà ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò. Ohun mẹ́ta la ń wò. Ṣé ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí ohun kan pàtó nínú iṣẹ́ ọmọ yìí, àbí a lè kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́ ọmọ yòówù? Ṣé ọmọ náà rí ohun tó lè ṣe sí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà? Ohùn wo ni tíṣà fi bá a sọ̀rọ̀? Mo mọ̀ wọ́n lórí bí mo ṣe mọ Sáàmù kẹtàlélógún.

Sáà tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan dé láti máa kọ́ kíláàsì karùn-ún ní èdè Yorùbá. Àìlégùn ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, iṣẹ́ yìí ni àwọn méjèèjì sì gbójú lé. Wọ́n ṣì ń dán an wò ni, kò tíì gba lẹ́tà pé iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Mọ́mì, ìyàwó pásítọ̀ wa tó ni àkóso ilé-ẹ̀kọ́ náà, sọ fún mi pé ohun tí mo bá kọ nípa rẹ̀ ni òun máa tẹ̀ lé.

Ọjọ́ ìdánrawò kọ́áyà ni mo kọ́kọ́ gba àwọn ìwé àròkọ rẹ̀. Mo ń kánjú. Mo ṣí ojú ewé kan nínú ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo kà á, mo pa á dé. Báyìí ló ṣe ń kọ ọ́: "Ìpínrọ̀ kejì: o ní òjò ba ọjà jẹ́. Ọjà wo? Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Fi gbólóhùn méjì kún un." Òmíràn: "Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ dùn torí pé ariwo lo fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìparí já lójijì. Sọ ibi tí ẹ padà sùn." Kò sí "Olúwa bùkún ọ" kankan níbẹ̀. Mo wá kan èyí tó kọ fún ọmọkùnrin kan: "Ṣé ojú oorun lo fi kọ èyí ni?" Inú mi bàjẹ́. Mo fún tíṣà náà ní máàkì kékeré lórí ohùn, mo sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò rẹ̀ pé: "Ohùn yín le. Ẹ ṣàtúnṣe. Olúwa yóò ràn yín lọ́wọ́."

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó gbà á. "Ẹ ṣé, mà. Ṣé gbogbo ẹ̀ ni, mà?"

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí ìfẹ́ wà nínú ẹ̀. Ọmọ Kristi ni wá."

"Ó dáa, mà."

Nígbà tí mo tún gba àwọn ìwé náà, àdúrà kún inú wọn. "Ó dára. Olúwa yóò fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n rẹ." "Tẹra mọ́ ọn. Orí ni ìwọ yóò máa jẹ́." Inú mi dùn débi pé mo ń kà á sókè ní ọ́fíìsì fún ọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé àròkọ lẹ̀ ń kà ni, àbí a ti bẹ̀rẹ̀ ìsọjí?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo rí i pé ọmọ kan ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sábẹ́ báírò pupa tíṣà rẹ̀: "Àmín." Mo ṣí ìwé mìíràn. "Àmín, àǹtí." Ọmọ kan tilẹ̀ kọ "Àmín lórúkọ Jésù," ó wá ya òdòdó sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ó wuyì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé padà sẹ́yìn kí n lè mọ ibi tí Àmín ti bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò wò lọ́jọ́ kìíní. Lábẹ́ "Ọjà wo?" ọmọbìnrin tó ni ìwé náà ti fa ìlà, ó sì ti kọ ọ́ pé: "Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ní Apákun. Gààrí ìyá kan di ẹ̀bà tútù nínú àpò." Ọmọ tí ìparí tirẹ̀ já ti sọ ibi tí wọ́n sùn, àti ẹni tó ń hanrun. Ní ojú ewé dé ojú ewé, tíṣà ń béèrè, ọmọ ń dáhùn, iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e sì ń dára sí i. Láti ìgbà tí fọ́ọ̀mù mi ti dé, kò sẹ́ni tó tún nǹkan kan ṣe mọ́. Ọmọ tó kọ ti gààrí ti padà sí "A lọ sí ọjà. Ọjà náà dára." Àdúrà wà lábẹ́ rẹ̀. Àmín wà lábẹ́ àdúrà.

Gbogbo ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi ló mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ ṣí ìwé síwájú, kó wo ohun tí ọmọ fi ọ̀rọ̀ tíṣà ṣe. Èmi náà mọ̀. Orin kọ́áyà ló ń pè mí lọ́jọ́ yẹn.

Mo ránṣẹ́ pe tíṣà náà. Mo bi í léèrè ìdí tó fi pa ọ̀nà tó ń gbà kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ tì. Ó mú fọ́ọ̀mù mi jáde.

"Mà, mi ò mọ èyí tó le nínú wọn. Ẹ ò tọ́ka sí ọ̀kankan. Mo bá rò pé gbogbo ẹ̀ ló le." Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù náà síwájú mi. "Ẹ wá gbàdúrà fún mi nísàlẹ̀. Mo ṣe Àmín, mà."

Kò sọ ọ́ tẹ̀gàntẹ̀gàn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí.

Mo ṣí ìwé ọmọkùnrin yẹn. Ọmọ náà ti fi báírò ha "ojú oorun" yẹn títí bébà fi ya. Mo ní, "Èyí nìkan ni."

"Háà. Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ yẹn, mà. Ó yẹ kí n kọ ọ́ pé ìpínrọ̀ kẹta ò ṣeé kà, kó tún un dà kọ, torí mo fẹ́ mọ bí ajá yẹn ṣe já okùn."

Mo kó àwọn ìwé náà lọ bá Mọ́mì. Ó ti ní kí ẹlòmíràn wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sí ipò tíṣà náà.

"Ìwọ náà lo kọ ọ́ pé ohùn ẹ̀ le. Ẹnu mélòó lo ní?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó ṣí i, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi gààrí. Lẹ́yìn náà ó ti bébà kan sí iwájú mi. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ lo ṣì í wò." Mo kọ ọ́. Wọn kò gba ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n wọn kò fún tíṣà náà ní lẹ́tà. Mọ́mì ní kí a tún wò ó fún sáà kan sí i. Sáà yẹn, ọrùn mi ló wà.

Tíṣà náà ti ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè padà báyìí, wọ́n sì ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fi àdúrà kékeré kan sí i. Mo sọ fún un pé kò pọn dandan.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, mà," ló dá mi lóhùn, kò sì gbójú sókè nínú ìwé tó ń máàkì. "Mi ò mọ ẹni tó tún máa kánjú yẹ̀ ẹ́ wò."