Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Tí Kò Dárúkọ Agbẹ̀bí

Ẹ̀rù ń ba Àbíkẹ́, aládùúgbò mi n'Ílàré. Ilé ló bí àkọ́bí rẹ̀ sí, díẹ̀ ló kù kí òun gan-an kú. Oyún mìíràn tún ti wọ oṣù kẹsàn-án, ilé ìgbẹ̀bí wa sì ti wà ní títì látìgbà tí ìjì ti ṣí òrùlé rẹ̀, tí agbẹ̀bí ibẹ̀ sì ti kó lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì, ka lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Ẹ dárí jì wá, ìyà tí a fi jẹ yín pọ̀. A ti tún òrùlé kàn."

Àbíkẹ́ dìde. "Bàbá, a ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Agbẹ̀bí ńkọ́? Àbí lẹ́tà ni yóò gbẹ̀bí fún mi?"

A bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì dáhùn pé, "Agbẹ̀bí tuntun ti dé o! Mo gbàgbé láti kọ ọ́ ni. Ọ̀la la ó ṣí."

Àbíkẹ́ jókòó, ó mí kanlẹ̀. Ká tó kọrin tán, ó ti sùn lọ fọnfọn léjìká mi.