Wọ́n Ní Ẹ̀rọ Ni Ìyá Mi

Lẹ́yìn tí ìyá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni a bẹ̀rẹ̀ fídíò àpèkọ nílé wa ní Súrùlérè. Á ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Èmi á fi ohùn rẹ̀ sórí àwòrán ìwé funfun, màá wá gbé e sórí ìkànnì wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò fẹ́ kí ojú òun hàn. Ó ní tíṣà kì í ṣe òṣèré. Bó bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, àfi kí n gé e kúrò. Owó ìpolówó ibẹ̀ la fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, torí owó ìfẹ̀yìntì máa ń wá nígbà tó bá wù ú ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ṣí ímeèlì láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń san owó ìpolówó fún wa. Wọ́n ti dá owó náà dúró lórí odindi ìkànnì wa. Wọ́n ní ohun kan náà là ń gbé jáde léraléra, irú èyí tí ẹ̀rọ máa ń tò jáde.

"Èmi ni ẹ̀rọ?" ni ìyá mi bi mí.

Wọ́n gbà wá láyè láti bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú fídíò kékeré tó ń fi hàn bí a ṣe ń ṣiṣẹ́.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ojú yín gbọ́dọ̀ hàn nínú eléyìí."

Ó pòṣé, ó wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó. Mo yà á bó ṣe ń kọ àyọkà, bó ṣe ń kà á, títí kan ikọ́ rẹ̀. Mo fi ara mi náà hàn nídìí kọ̀ǹpútà.

Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní fídíò kan ṣoṣo kò tó. Odindi ìkànnì ni wọ́n ń wò, pàápàá àwọn fídíò tí èèyàn ń wò jù àti àwọn tuntun, ìwé funfun sì ni gbogbo wọn. Wọ́n ní a lè tún béèrè fún owó ìpolówó tó bá yá.

Mo pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn rẹ́. Wákàtí tí àwọn èèyàn fi wò wọ́n bá wọn lọ, la bá já sísàlẹ̀ iye wákàtí tí ìkànnì gbọ́dọ̀ ní kó tó lè gba owó ìpolówó. A tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ń fojú hàn báyìí, ó ń ṣàlàyé ìdí tí àmì ohùn fi wà níbí tí kò sí lọ́hùn-ún, ó ń fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí wákàtí pé, a tún béèrè, wọ́n sì gbà wá padà. Mo sáré wọ pálọ̀ láti sọ fún un. Kò gbórí sókè. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ sábẹ́ fídíò ló ń kà, ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń tẹ̀ lé wa láti ìbẹ̀rẹ̀: "Háà, èèyàn ni yín? Kọ̀ǹpútà ni mo rò látọjọ́ yìí."

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní kíkọ," ló wí, "kò sì mọ̀ pé mo wà láyé."